Sẹ́ńsọ̀ kẹta náà tún gbàgbé

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Bàbá tó ń ṣọ́ táǹkì ní ilé-iṣẹ́ sítáàṣì tí mo ń bá ṣiṣẹ́, lójú ọ̀nà Mọ̀pà sí Ìsánlú, ló ń pè. Kò tilẹ̀ kí mi ní "Ọ̀kun" kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ẹnjiníà, ó tún ti dànù."

Ẹ̀ẹ̀kejì rèé láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo fi máa gun ọ̀kadà débẹ̀, ilẹ̀ ti funfun báláú láti ìdí táǹkì títí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ń fi ọwọ̀ gbá omi sítáàṣì sínú gọ́tà. Sẹ́ńsọ̀ tó yẹ kó dá pọ́ǹpù dúró ṣì wà lókè níbi tí a dè é mọ́, iná àwọ̀ ewé rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tuntun ni o. Òun ni ẹ̀kẹta tí a máa fi síbẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà.

Inú táǹkì yẹn ni omi sítáàṣì ti ń dúró lẹ́yìn tí a bá ti rin ẹ̀gẹ́ tí a sì ti sẹ́ ẹ. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2. Orí irin kan tó ga ju ẹnu táǹkì lọ ní mílímítà 300 ni sẹ́ńsọ̀ wà, ó dojú kọ ìsàlẹ̀. Ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ló ń jù sílẹ̀. Bí ìró náà bá ti lu ojú omi, á padà sókè, àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀ sì ni sẹ́ńsọ̀ fi ń mọ bí omi ṣe jìnnà sí i tó. Nítorí náà, bí omi ṣe ń kún sí i ni iye tó ń kà ń kéré sí i. Bó bá ka 300, omi ti dé ẹnu táǹkì nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí iye méjì péré ni gbogbo wàhálà yìí dá lé: 380 àti 550.

Ọ̀nà IO-Link ni sẹ́ńsọ̀ náà fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Wáyà rẹ̀ kò ní nǹkan àràmàǹdà kankan: ọ̀kan gbé iná 24 fóòtì wá, ọ̀kan jẹ́ òdo, ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ń gbà lọ tó ń gbà bọ̀. Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní pọ́ọ̀tù tirẹ̀ lára àpótí kan tí a ń pè ní másítà, wáyà àárín wọn kò sì gbọdọ̀ gùn ju mítà 20 lọ. Ilé tí a ti ń darí ẹ̀rọ wa jìnnà sí táǹkì tó mítà 35, ìdí nìyí tí a fi kan másítà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, tí a sì wá na wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo láti ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ pí-ẹ́ẹ̀lì-sí, kọ̀ǹpútà tó ń darí pọ́ǹpù.

Oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ló ń gba inú wáyà kẹta yẹn. Èkíní ni dátà ìṣiṣẹ́, èyí tí sẹ́ńsọ̀ ń kà sétí másítà léraléra láìdúró, bí ọmọ iléèwé tó ń ka tábìlì. Èkejì ni paramítà, ìyẹn àwọn ìtò tó wà nínú sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀: ibo ló ti yẹ kó sọ pé "ó ti kún", ọ̀nà wo ni kó gbà sọ ọ́. Paramítà kì í jáde fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kà á tàbí yí i padà ní láti pè é ní nọ́ńbà. Ìmọ̀ mi nípa oríṣi àkọ́kọ́ dára. Ti èkejì ni mo rò pé mo mọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ kú. Omi ti wọ ibi tí wáyà ti so mọ́ ọn, nítorí wọ́n máa ń fi páìpù fọ gbogbo ibẹ̀ lálaalẹ́, ẹni tó so ó kẹ́yìn kò sì dè é le. Fún nǹkan bí wákàtí kan ló fi ń wá tó ń lọ. Ohun tó wà lójú másítà ni `0x1800`, ìyẹn ni pé kò sí ẹnikẹ́ni lórí pọ́ọ̀tù yẹn. A tètè rí i, a sì pa pọ́ǹpù.

Nínú yàrá ìkẹ́rù, sẹ́ńsọ̀ kan wà tó jọ ọ́ bí ìbejì, àfi pé tirẹ̀ lè wo ọ̀nà tó jìn jùyẹn lọ. Mo so ó. Iná pọ́ọ̀tù pọ́n, ìkìlọ̀ `0x1803` jáde. Kí sẹ́ńsọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni másítà ti máa ń béèrè nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é àti nọ́ńbà irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Bí èkejì kò bá bá èyí tí a kọ sórí pọ́ọ̀tù mu, kò ní gbà á wọlé. Inú bí mi nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó tọ̀nà: iye tí sẹ́ńsọ̀ kan ń fi mílímítà sọ, òmíràn lè máa fi nǹkan míì sọ ọ́, pọ́ǹpù kò sì ní mọ̀.

Èyí tó bá a mu gan-an gba ọkọ̀ èrò wá láti Èkó, a lọ gbà á ní gáréèjì Kábà lọ́jọ́ kejì. Méjì ni ọ̀gá wa obìnrin ní kí wọ́n fi ránṣẹ́, ìyẹn sì padà ràn mí lọ́wọ́ gan-an. Pípààrọ̀ rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, n kò sì gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ́wọ́. Mo tú ti àtijọ́, mo de tuntun, mo so wáyà mọ́ ọn, mo sì dè é le. Másítà wò ó, ó rí i pé irú kan náà ni, ó sì kọ gbogbo paramítà ti àtijọ́ tó ti fi pamọ́ sínú rẹ̀. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, táǹkì ti ń fi iye hàn. Bàbá pàtẹ́wọ́. Èmi náà, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ṣe ni mo ń yan.

Bẹ́ẹ̀ ni paramítà tó dá padà yẹn tọ̀nà, fún ọjọ́ yẹn. Ibi tí sẹ́ńsọ̀ ti máa sọ pé "ó ti kún" jẹ́ 380, ìyẹn ni pé ó ku mílímítà 80 kí omi dé ẹnu. Ó tó fún pọ́ǹpù kékeré tí a ń lò. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé pọ́ǹpù ńlá wá. Pọ́ǹpù yẹn, bí a bá tilẹ̀ pa á, omi tó ti wà nínú páìpù gígùn náà á ṣì máa dà wọlé, ìfófòó á sì gùn ún lórí. Mílímítà 80 kò tó mọ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi jáde, mo wọlé sí másítà láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo sì yí 380 sí 550, kí ó lè ku mílímítà 250. A dán an wò lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni pọ́ǹpù dúró níbi tó yẹ. Mo lọ sílé.

Lóru Ọjọ́rú, táǹkì dànù. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, mo yẹ paramítà wò:

```
Index 60, Subindex 1 = 380
```

Mo rò pé èmi ni mo ṣàṣìṣe, pé bóyá n kò tẹ bọ́tìnì tó yẹ. Mo tún kọ 550. Ọ̀gá wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Sẹ́ńsọ̀ yìí ti bàjẹ́ láti ibi tí wọ́n ti gbé e wá. Ṣebí ẹ̀yin náà rí i pé ó gbàgbé. Ẹ fi ìkejì sí i." Mo fi ìkejì sí i, mo kọ 550 sínú rẹ̀, mo dán an wò, ó dára. Bàbá sì pè mí lóru Ẹtì.

Lóru yẹn, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo ní kí wọ́n máa bù omi kúrò nínú táǹkì kí wọ́n sì tún máa rọ ọ́ padà díẹ̀díẹ̀, mo wá jókòó ti dátà ìṣiṣẹ́. Báìtì mẹ́rin ni sẹ́ńsọ̀ wa ń fi ránṣẹ́. Báìtì méjì àkọ́kọ́ ni iye tó kà, ẹ̀kẹta ń sọ ibi tí ààmì ìdá mẹ́wàá wà, ẹ̀kẹrin sì ni àwọn bíìtì "ó ti kún". Nígbà tí omi gba ibi 550 kọjá, ohun tí mo rí rèé, ìlà kejì sì ni ti 380:

```
02 26 FD 00
01 7C FD 01
```

`02 26` ni 550. `FD` dúró fún -3, ìyẹn 550 ìlọ́po 10 sí agbára -3, tó jẹ́ mítà 0.550. Òdo tó gbẹ̀yìn ìlà náà ń sọ pé "kò tíì kún". Nígbà tó dé 380 nìkan ni òdo yẹn tó di 1. (Ẹni tí pí-ẹ́ẹ̀lì-sí rẹ̀ bá ń ka báìtì méjì àkọ́kọ́ sẹ́yìn á rí 9730 dípò 550. Ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí níbòmíràn, mo sì fi odindi ọ̀sán kan bú sẹ́ńsọ̀ tí kò ṣẹ̀.) Nítorí náà ojú sẹ́ńsọ̀ yìí mọ́lẹ̀ kedere. Ó ń rí omi níbi tó wà gan-an. Ibi tí wọ́n ní kó ti pariwo ló yàtọ̀ sí ibi tí mo sọ fún un.

Mo wá bi Bàbá pé, "Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó dànù?"

Ó ronú díẹ̀. "Kò sí nǹkan kan. Iná lọ, a tan jẹnẹrétọ̀. Ti ìjẹta náà, lẹ́yìn tí iná lọ ni. Bí iná kò bá lọ, kì í gbàgbé."

Ìdáhùn ti wà nínú gbólóhùn yẹn, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà. Mo rò pé sẹ́ńsọ̀ kò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ bí iná bá kú lórí rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ méjì láti inú páálí tuntun, kí àwọn méjèèjì ní àrùn kan náà? Kó sì jẹ́ pé 380 kan náà ni àwọn méjèèjì ń padà sí, iye tó jẹ́ pé àwa ni a yàn án fún sẹ́ńsọ̀ tó ti kú? Sẹ́ńsọ̀ tó gbàgbé yẹ kó padà sí iye tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi sínú rẹ̀ ni. Ẹni kan ló ń kọ́ wọn ní 380.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú sẹ́ńsọ̀ kejì, èyí tí ọ̀gá ní ó ti bàjẹ́, mo gbé e sórí tábìlì, mo so ó mọ́ másítà kékeré tí mo máa ń ki bọ kọ̀ǹpútà mi. Ìyẹn kì í fi paramítà ẹnikẹ́ni pamọ́. Mo kọ 550 sínú rẹ̀. Mo yọ iná, mo ka títí dé ọgọ́rùn-ún, mo dá iná padà: 550. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 550 náà ni. Mo wá gbé e lọ so mọ́ pọ́ọ̀tù tó wà nídìí táǹkì. Kò tó ìṣẹ́jú kan: 380.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé másítà àti sẹ́ńsọ̀ jọ ní iye àyẹ̀wò kan tí wọ́n ṣírò láti ara gbogbo paramítà. Nígbàkigbà tí sẹ́ńsọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, yálà wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó ni o tàbí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, másítà á fi iye tirẹ̀ wé ti sẹ́ńsọ̀. Bí wọ́n bá dọ́gba, kò sí ọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá dọ́gba, másítà á wo àsíá kékeré kan nínú sẹ́ńsọ̀. Bí àsíá náà bá wà lókè, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ yí mi padà, wá ka tuntun lọ́dọ̀ mi." Bó bá wà nílẹ̀, másítà á gbà pé ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rọ́pò ni, á sì kọ èyí tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ lé e lórí. Ohun tó fi mú pípààrọ̀ rọrùn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun gan-an ló ń dá ọwọ́ mi padà ní gbogbo òru tí iná bá lọ. Lọ́nà wa níbí, ta ni kò mọ̀ pé iná á lọ?

Àsíá yẹn máa ń gbéra fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá yí ìtò padà lára sẹ́ńsọ̀ gan-an, bíi kó tẹ bọ́tìnì ìkọ́ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ paramítà kan ṣoṣo láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí mo ṣe ṣe, kò ní gbéra. Wọ́n ní láti pàṣẹ fún un. Àṣẹ náà ni 5, nọ́ńbà tí a ń kọ ọ́ sí sì ni 2. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà mìíràn máa ń fi 5 yìí parí ọ̀rọ̀ fúnra wọn bí o bá ní kí wọ́n fi gbogbo ojú ìwé paramítà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí ọ̀rẹ́ mi kan ní Lọ́kọ́jà fi ń bá mi jiyàn pé kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí tirẹ̀ kì í padà sẹ́yìn. Òun kì í kọ ẹyọ kan ni.

Ṣùgbọ́n kí n tó kọ ọ́, ohun kan ṣì ń dùn mí. Lọ́jọ́ Ajé tí sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ ń wá tó ń lọ, gbogbo báìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di òdo nígbàkigbà tó bá lọ. Òdo nínú báìtì tó gbẹ̀yìn sì ń jẹ́ "kò tíì kún". Bí kì í bá ṣe pé ènìyàn wà nítòsí, pọ́ǹpù ìbá máa rọ omi lọ lórí ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ti kú. Ètò pí-ẹ́ẹ̀lì-sí yẹn, èmi ni mo kọ ọ́, n kò lè wá ẹlòmíràn bú. Mo pinnu láti yí ìtumọ̀ bíìtì náà padà, kí 1 máa jẹ́ "àyè ṣì wà", kí òdo máa jẹ́ "dúró", yálà táǹkì kún ni o tàbí wáyà já. Nítorí náà ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo kọ:

```
Index 60, Subindex 1 <- 550
Index 61, Subindex 1 <- 1
Index 2,  Subindex 0 <- 5
```

Bí ìlà kẹta ṣe wọlé ni `0xFF91` hàn lójú másítà. Ẹ̀rù lè ba ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn: sẹ́ńsọ̀ ló ń ké sí másítà pé kó wá ka ìtò tuntun. Ó kà á, ìkìlọ̀ náà kúrò. Nínú pí-ẹ́ẹ̀lì-sí, mo tún fi kún un pé kí pọ́ǹpù má ṣiṣẹ́ àfi bí másítà bá jẹ́rìí pé dátà pọ́ọ̀tù náà ṣeé gbà, tí iye tó kà kò sì jẹ́ 32764. Sẹ́ńsọ̀ tiwa máa ń fi 32764 sọ pé òun kò rí nǹkan kan kà. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ojú omi jìn tó mítà 32 nínú táǹkì mítà 2.

A wá dán an wò. Bàbá fúnra rẹ̀ ló lọ pa iná láti ibi jẹnẹrétọ̀, ó ní kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe ń lọ jù òun lọ. Iná dé, 550. Ó tún pa á, 550. Mo tú sẹ́ńsọ̀ kẹta sílẹ̀, mo so ìkejì mọ́ ọn, èyí tí 380 ṣì wà nínú rẹ̀ láti àárọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ó di 550, bíìtì rẹ̀ sì ti yí padà pẹ̀lú. A fa wáyà yọ nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, pọ́ǹpù dúró.

Ó ku ibi kan tí a ti jọ jiyàn pẹ̀lú ọ̀gá. Pọ́ọ̀tù náà ní ọ̀nà méjì tó fi lè tọ́jú paramítà. Nínú ọ̀kan, másítà á máa kà lọ́dọ̀ sẹ́ńsọ̀ á sì máa kọ padà sínú rẹ̀. Nínú ìkejì, kíkọ padà nìkan ló ń ṣe, kì í kà mọ́. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni a wà. Ewu tirẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá mú sẹ́ńsọ̀ ìpamọ́, tó ń fi bọ́tìnì rẹ̀ ṣeré lórí tábìlì, àsíá rẹ̀ á gbéra. Ọjọ́ tí wọ́n bá so ó mọ́ táǹkì, másítà ló máa kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ìtò wa tó dára á sì pòórá. Ọ̀gá fẹ́ ká lọ sí ìkejì. Èmi kò kọ́kọ́ fẹ́, torí lẹ́yìn náà ẹni tó bá yí ìtò padà nídìí táǹkì á rí i pé ó padà sẹ́yìn bí iná bá lọ, àní bó tilẹ̀ kọ 5. Mo gbà níkẹyìn, torí èmi nìkan ló ń yí i padà, àwọn tó lè ṣeré pẹ̀lú bọ́tìnì sì pọ̀. Bí mo bá fẹ́ yí nǹkan padà, mo máa ń ṣí ọ̀nà àkọ́kọ́, mo kọ ọ́, mo fi 5 parí rẹ̀, mo sì ti ọ̀nà náà padà.

Sẹ́ńsọ̀ kẹta ti wà nínú páálí rẹ̀ ní yàrá ìkẹ́rù. Mo fi àṣẹ 130 nu ohun tó wà nínú rẹ̀ kí n tó tọ́jú rẹ̀, mo sì lẹ bébà mọ́ páálí náà: "Ẹ má tẹ bọ́tìnì." Èyí tí másítà kò gbà wọlé lọ́jọ́ Ajé ni mo gbé sí pẹpẹ mìíràn, torí wọ́n jọra jù.